Ṣóńṣó mẹ́rin, ìpèníjà mẹ́rin: kí ló dé tí èsì ojú òpó méjì ò bára mu?

Àdùkẹ́_Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ nọ́ńbà ni mo gbé wá.

Ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1988 ni wọ́n bí mi. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló sọ fún mi pé ayé ẹ̀dá pín sí ìpele mẹ́rin, pé ìpele kọ̀ọ̀kan ní ṣóńṣó tirẹ̀ àti ìpèníjà tirẹ̀, àti pé ọjọ́ ìbí ni wọ́n fi ń ṣírò gbogbo rẹ̀. Mo fi ọjọ́ ìbí mi sí ojú òpó méjì. Ọ̀kan ní ṣóńṣó mi àkọ́kọ́ jẹ́ 22, èkejì ní 4 ni. Ọ̀kan ní ìpèníjà mi kejì, ìkẹta àti ìkẹrin jẹ́ 3, 3, 3. Èkejì ní 6, 6, 6 ni. Ibi tí ẹnu àwọn méjèèjì ti kò ni pé ìpèníjà mi àkọ́kọ́ jẹ́ 0, àti pé ìpele àkọ́kọ́ mi parí nígbà tí mo pé ọmọ ọdún 33.

Mi ò fẹ́ kí ojú òpó kankan bá mi ṣírò mọ́. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí n lè fi bírò àti ìwé ṣe é fúnra mi. Àti pé kí ni 0 yẹn? Ṣé pé mi ò ní nǹkan kan ni? Nọ́ńbà kan náà tó tò lẹ́ẹ̀mẹta yẹn náà ń kọ mí lóminú.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Àǹtí Àdùkẹ́, kò le rárá. Nǹkan mẹ́ta lẹ máa kọ sílẹ̀: oṣù, ọjọ́, ọdún. Ẹ ro àwọn nọ́ńbà inú ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀ títí yóò fi di nọ́ńbà ẹyọ kan. Oṣù àti ọjọ́ tí ẹ bá rò pọ̀ ni ṣóńṣó kìíní. Ọjọ́ àti ọdún ni ìkejì. Ṣóńṣó kìíní àti ìkejì tí ẹ bá rò pọ̀ ló máa fún yín ní ìkẹta. Oṣù àti ọdún ni ìkẹrin. Ìpèníjà náà ń gba ọ̀nà kan náà, àmọ́ yíyọ ni ẹ máa yọ ọ́, ẹ ò ní rò ó pọ̀. Ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá, kò sí pé èyí ló ṣáájú.

Ẹ wá ro oṣù, ọjọ́ àti ọdún pọ̀ títí yóò fi di ẹyọ kan, ìyẹn ni nọ́ńbà ipa ayé yín. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 36. Iye tó bá kù ni ọjọ́ orí tí ìpele àkọ́kọ́ parí. Ìpele kejì jẹ́ ọdún mẹ́sàn-án, ìkẹta jẹ́ ọdún mẹ́sàn-án, ìkẹrin sì ń lọ títí ayé.

Ohun kan péré ni kí ẹ ṣọ́ra fún: 11 àti 22 jẹ́ nọ́ńbà ọ̀gá. A kì í fọwọ́ kàn wọ́n níbikíbi. Oṣù yín jẹ́ 11, ọjọ́ yín 2+9 jẹ́ 11. Torí náà 22 ni ṣóńṣó yín, ìpèníjà yín sì jẹ́ 11 kí a yọ 8, ìyẹn 3. Ojú òpó tó sọ 22 ló mọ̀ ọ́n.

Ìyá_Olùkọ́

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí o ṣe yẹn dára gan-an, ó yé mi ju ti ọ̀pọ̀ ìwé lọ. Ṣùgbọ́n "níbikíbi" yẹn ni mi ò fara mọ́. Ìṣirò ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní Abẹ́òkúta kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì máa ń fẹ́ mọ ibi tí nọ́ńbà kan ti wá kí n tó lò ó. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpèníjà.

Ìpèníjà kò gba nọ́ńbà ọ̀gá. A gbọ́dọ̀ sọ oṣù, ọjọ́ àti ọdún di ẹyọ kan ṣoṣo kí a tó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Àdùkẹ́, oṣù rẹ jẹ́ 11, ó di 2. Ọjọ́ rẹ jẹ́ 29, ó di 11, ó tún di 2. Ọdún rẹ: 1+9+8+8 jẹ́ 26, ó di 8. Wàyí o, 2 kúrò nínú 2, ó ku 0. Ìyẹn ni ìpèníjà kìíní. 2 kúrò nínú 8, ó ku 6, ìkejì nìyẹn. 0 kúrò nínú 6, ó ku 6, ìkẹta nìyẹn. Oṣù àti ọdún, 2 kúrò nínú 8, ó ku 6, ìkẹrin nìyẹn. Ojú òpó tó fún ọ ní 6 ló gba ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ń gbà. Èyí tó fún ọ ní 3 gbàgbé láti fọ́ 11.

Má jẹ́ kí 6 mẹ́ta yẹn dẹ́rù bà ọ́. Kì í ṣe àmì kankan. Ẹnikẹ́ni tí oṣù rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀ bá di nọ́ńbà kan náà, 0 ni ìpèníjà rẹ̀ àkọ́kọ́ yóò jẹ́, àwọn mẹ́ta tó kù yóò sì bára wọn dọ́gba dandan. Wò ó dáadáa: bí oṣù àti ọjọ́ bá jẹ́ 2, nǹkan kan náà lò ń yọ kúrò lára ọdún nígbà kejì àti nígbà kẹrin. Ìkẹta sì ni ìkejì tí a yọ òdo kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún tàbí ọjọ́ 12 oṣù Kẹta yóò rí i bẹ́ẹ̀ náà.

Ní ti 0 fúnra rẹ̀, àwọn olùkọ́ ìmọ̀ yìí kò kà á sí àìní. Wọ́n ní ẹni tó ní in kò ní ìdènà kan pàtó tó dá yàtọ̀, àmọ́ ó lè bá èyíkéyìí pàdé, òun ló sì máa yan bí yóò ṣe gbé e. Ìpèníjà máa ń lọ láti 0 títí dé 8. Kò lè jẹ́ 9 láé, torí 9 ni ẹyọ tó ga jù, 1 ló kéré jù, 1 kúrò nínú 9 sì ku 8. Bí ẹ bá rí ojú òpó tó gbé ìpèníjà 9 fún yín, ẹ ti í.

Alájé_Mushin

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Màmá, nínú 22 àti 4 yẹn, èwo ni ká ta fún un lọ́jọ́ Sátidé? Mo ti rí i pé nọ́ńbà ọjọ́ ìbí máa ń ṣiṣẹ́ nídìí lọ́tírì, mo kàn ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣírò.

Ìyá_Olùkọ́

Ọmọ mi, èyí kì í ṣe ti tẹ́tẹ́. Nọ́ńbà ìpele ọlọ́dún mẹ́sàn-án kò ní ọjọ́ Sátidé nínú. Bọ́ọ̀lù tó máa jáde kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí ẹnikẹ́ni. Jọ̀ọ́, má fi owó ilé sí i nítorí ohun tí a sọ níbí.

Délé_Houston

Ẹ kú àárọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa. Màmá, ẹ bá mi wo tèmi, ó jọ ti Àǹtí Àdùkẹ́ ṣùgbọ́n ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 1984 ni ọjọ́ ìbí mi. 5, 2, àti 1984 tó jẹ́ 22 tó di 4. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 11. Ojú òpó kan ní ìpele àkọ́kọ́ mi parí nígbà tí mo pé ọmọ ọdún 25, pé 36 kí a yọ 11. Òmíràn ní ọmọ ọdún 34 ni. Bí ó bá jẹ́ 25, a jẹ́ pé ọdún 2009 ni, ọdún tí mo wọ Amẹ́ríkà. Ìyẹn bá mi lára mu gan-an, àyípadà ńlá ni ọdún yẹn jẹ́ fún mi.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Ẹ̀gbọ́n Délé, 25 ni. Nọ́ńbà ọ̀gá ni 11. Ẹ̀rí sì ti wà nínú ayé yín.

Ìyá_Olùkọ́

Rárá o, 34 ni. Ẹ ní sùúrù kí n fi hàn yín ibi tí 36 ti wá, nítorí ẹni tó bá mọ ìyẹn kò tún ní ṣìnà lórí ọ̀rọ̀ 11 mọ́.

Gbogbo ọdún ní nọ́ńbà tirẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láti mọ nọ́ńbà ọdún rẹ, o máa ro oṣù ìbí rẹ, ọjọ́ ìbí rẹ àti ọdún tí a wà nínú rẹ̀ pọ̀, wàá sì sọ ọ́ di ẹyọ kan. Nọ́ńbà náà ń lọ 1, 2, 3 títí dé 9, á sì tún padà sí 1. Ọdún 9 ni ọdún ìparí, ọdún 1 ni ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá wò ó: kí ni nọ́ńbà ọdún rẹ ní ọdún tí wọ́n bí ọ gan-an? Oṣù ìbí, ọjọ́ ìbí, ọdún ìbí. Nọ́ńbà ipa ayé rẹ náà nìyẹn! Àdùkẹ́ wọ ayé ní ọdún 3 tirẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló kù kí ó dé 9, ìyẹn 1994. Ẹ wò ó: 2+2, àti 1+9+9+4 tó jẹ́ 23 tó di 5, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 9. Lẹ́yìn èyí, wọ́n fún un ní ìyípo mẹ́sàn-án mẹ́ta gbáko: 2003, 2012, 2021. Mẹ́fà àti mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n jẹ́ 33. Ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ parí ní 2021, ìkejì bẹ̀rẹ̀ ní 2022 tó jẹ́ ọdún 1 fún un.

Torí náà 36 kì í ṣe nọ́ńbà tí ẹnì kan já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ìyípo mẹ́sàn-án mẹ́rin ni. A yọ apá tí ọmọ náà kò bá nínú ìyípo àkọ́kọ́ kúrò, nítorí pé nǹkan ti ń lọ kí ó tó dé.

Délé, ìwọ wọ ayé ní ọdún 2 tìrẹ, nítorí nínú ìyípo ọlọ́dún mẹ́sàn-án kò sí ọdún kọkànlá tó yàtọ̀ sí ìkejì. Ọdún méje ló kù fún ọ kí o tó dé 9 ní 1991, kí o tó wá lo ìyípo mẹ́ta: 2000, 2009, 2018. Méje àti mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, 34 nìyẹn. Ẹni tó yọ 11 kúrò fún ọ ní ìyípo méjì dípò mẹ́ta. Bákan náà ni 22: 4 la máa yọ, yóò ku 32. Bí a bá yọ 22 gan-an, ọmọ ọdún 14 ni yóò kù, ẹ sì rí i pé ìyẹn kò ní ìtumọ̀. Ìpele àkọ́kọ́ kò lè kéré ju ọdún 27 lọ, ti ẹni tí ipa ayé rẹ̀ jẹ́ 9, kò sì lè ju 35 lọ, ti ẹni tó jẹ́ 1.

Èyí ni ẹ lè fi yẹ iṣẹ́ yín wò: ọdún tí ẹ ní ìpele àkọ́kọ́ parí gbọ́dọ̀ jẹ́ ọdún 9 fún yín. Bí ó bá jẹ́ nǹkan míì, ẹ ti ṣi nǹkan rò. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò yẹn kò lè mú àṣìṣe 11 yìí, torí pé ọdún mẹ́sàn-án géérégé ló wà láàárín 25 àti 34. Ọdún 2009 náà jẹ́ 9 fún Délé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdí tí ọdún yẹn fi bá a lára mu nìyẹn. Ìparí ìyípo kan ni, kì í ṣe ìparí ìpele.

Délé_Houston

Ẹ ṣeun Màmá, ó yé mi yéké. Ó dùn mí díẹ̀ pé 2009 bọ́ sílẹ̀, àmọ́ mo gbà. Ṣóńṣó mi wá ńkọ́? Ojú òpó náà ní ìkìíní mi jẹ́ 7, ìkejì 9, ìkẹta 7, ìkẹrin 6.

Ìyá_Olùkọ́

5 àti 2, 7, ó dára. Ọjọ́ àti ọdún: 2 àti 4 jẹ́ 6, kì í ṣe 9. Kìíní àti ìkejì: 7 àti 6 jẹ́ 13, ó di 4, kì í ṣe 7. Oṣù àti ọdún: 5 àti 4 jẹ́ 9, kì í ṣe 6. Délé, báwo lo ṣe tẹ ọjọ́ náà sí i?

Délé_Houston

02/05/1984, bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ láti ilé.

Ìyá_Olùkọ́

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ojú òpó Amẹ́ríkà ni, oṣù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú níbẹ̀. Ó kà á sí ọjọ́ 5 oṣù Kejì. Ipa ayé kò yí, ṣóńṣó kìíní kò yí, ìpèníjà kìíní náà kò yí, torí pé yálà oṣù ló ṣáájú tàbí ọjọ́, àpapọ̀ wọn àti ìyàtọ̀ àárín wọn kan náà ni. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ènìyàn tètè fura. Ṣùgbọ́n ìkejì àti ìkẹrin á gba ipò ara wọn, ìkẹta á sì bàjẹ́. Ìpele kejì ni o wà báyìí, láti 2019 títí di 2027, ìdí sì nìyẹn tó fi ń kà ọ̀rọ̀ 9 fún ọ nígbà tó jẹ́ pé 6 ni tìrẹ. Ti Àdùkẹ́ kò lè ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí oṣù kọkàndínlọ́gbọ̀n, ẹ̀rọ náà ì bá kọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ọjọ́ ìbí yín kò bá ju 12 lọ ni kí ẹ ṣọ́ra.

Bọ́sẹ̀_Àkúrẹ́

Mo ti ń tẹ̀ lé ìmọ̀ yìí ọjọ́ ti pẹ́. Ìyá, mo gba gbogbo ohun tí ẹ sọ lórí ìpèníjà àti ọjọ́ orí. Àmọ́ lórí ṣóńṣó àkọ́kọ́ Àdùkẹ́, mi ò ní sáré sọ pé 22 kò sí níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ kan máa ń fi 11 oṣù Kọkànlá sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n sì máa ń fi ọjọ́ 29 sílẹ̀ ní 11. 11 àti 11 jẹ́ 22 lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí mo bá ń wo ti ènìyàn, mo máa ń ka 22 àti 4 pa pọ̀. 4 ni iṣẹ́, ìpìlẹ̀, ìfaradà, owó tí a fi òógùn wá. 22 ni iṣẹ́ yẹn kan náà nígbà tó bá kọjá ti ara ẹni, tó di ti ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ìyá_Olùkọ́

Bọ́sẹ̀, mo mọ ilé ẹ̀kọ́ tí o ń tọ́ka sí. Èmi máa ń sọ apá kọ̀ọ̀kan di ẹyọ kan ná, lẹ́yìn náà ni mo máa wò ó bóyá àpapọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ 11 tàbí 22. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo fi í sílẹ̀. Àpẹẹrẹ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1934. Oṣù 7, ọjọ́ 4, ọdún 17 tó di 8. 7 àti 4 jẹ́ 11, nọ́ńbà ọ̀gá tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ nìyẹn, torí kò sí 11 kankan nínú ohun tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ìkejì jẹ́ 12 tó di 3, ìkẹta 11 àti 3 jẹ́ 14 tó di 5, ìkẹrin 15 tó di 6. Ipa ayé rẹ̀ jẹ́ 19, ó di 10, ó di 1. 36 kí a yọ 1, 35. Ọdún 1969 ni ìpele àkọ́kọ́ parí. Ọdún yẹn náà, ní oṣù Kẹwàá, ni wọ́n tú u sílẹ̀ lẹ́wọ̀n tí wọ́n ti fi í sí láti 1967.

Akin_Físíìsì

Ẹ káàárọ̀ mà. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ìṣirò yín kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n mo ní láti sọ èyí nítorí àwọn tó ń ka ìlà yìí. Ẹ mú 1969 nítorí pé ó bọ́ sí ààlà. Ẹ̀bùn Nóbẹ́lì tó gbà ní 1986, tó jẹ́ ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí jù lọ, kò bọ́ sí ààlà kankan. Ìpele kẹta rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1979, ó parí ní 1987. Nínú ayé ẹni tó ṣe nǹkan púpọ̀ bẹ́ẹ̀, ọdún wo ni ẹ máa mú tí ẹ ò ní rí nǹkan ńlá nínú rẹ̀? Délé náà rí ẹ̀rí fún 2009 kí ẹ tó sọ fún un pé 2018 ni.

Ohun kejì: orí kàlẹ́ńdà ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1752, ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ló tẹ̀ lé ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n fo ọjọ́ mọ́kànlá. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Páríìsì kí wọ́n tó ṣe àtúnṣe yẹn ní ọjọ́ ìbí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà ṣóńṣó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá fi kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ yóò rí nọ́ńbà míì pátápátá. Èwo nínú wọn ni ayé rẹ̀ ń tẹ̀ lé?

Bọ́sẹ̀_Àkúrẹ́

Akin, ó wúlò pé o sọ ọ́. Èmi kò sọ pé ó jẹ́ sáyẹ́ǹsì. Mo ń lò ó bí ìbéèrè tí ènìyàn fi ń bi ara rẹ̀ léèrè. Ìpèníjà 6 ń bi Àdùkẹ́ pé: ṣé o ń gbé ẹrù gbogbo ilé, tí o sì ń retí pé kí gbogbo wọn ṣe é bí ìwọ ṣe fẹ́? Bí kò bá kàn án, kó fi sílẹ̀.

Ìyá_Olùkọ́

Akin, òótọ́ lo sọ lórí kàlẹ́ńdà, mi ò ní ìdáhùn sí i. Mo tún fi kún un: orúkọ Pitagórásì, onímọ̀ ará Gíríìkì àtijọ́, tí wọ́n máa ń fi pè é, ọkùnrin yẹn kò fi ìwé kankan sílẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é lónìí wá láti ọwọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, irú bí Arábìnrin L. Dow Balliett ní Atlantic City. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ti àwọn baba ńlá wa ni, kí wọ́n má sì fi wé Ifá. Ìmọ̀ ọ̀tọ̀ ni.

Ìyá_Tóyìn

Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ńkọ́? Wọn kò kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé ìbúra tí wọ́n ṣe fún un ní kóòtù sọ pé ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1950 ni wọ́n bí i. Àwọn àgbà ilé ní ìgbà ìkórè iṣu ni wọ́n bí i.

Bọ́sẹ̀_Àkúrẹ́

Ọjọ́ inú ìwé ìbúra ni ìjọba àti báńkì mọ̀ ọ́n sí fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Èmi á lò ó.

Ìyá_Olùkọ́

Èmi ò ní lò ó. Bí ìkórè iṣu bá jẹ́ òtítọ́, ó ṣòro kó jẹ́ oṣù Kìíní, oṣù àti ọjọ́ sì ni ó bí ṣóńṣó kìíní. Ìyá Tóyìn, bí ìdílé bá mọ ọdún náà dájú, nọ́ńbà ọdún ìbí rẹ̀ nìkan lo ní. Kò sí ṣóńṣó kankan tó ṣeé ṣe láti inú ìyẹn nìkan, nítorí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àkọ́kọ́ nílò ọjọ́, ìkẹrin nílò oṣù.

Àdùkẹ́_Òṣogbo

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ti jókòó ṣe tèmi. Ṣóńṣó: 4 (tàbí 22 bí Bọ́sẹ̀ ṣe sọ), 1, 5, 1. Mo rí i pé ìkejì àti ìkẹrin bára mu, ìdí kan náà tí Màmá sọ lórí ìpèníjà ni. Ìpele kejì mi jẹ́ 2022 sí 2030, ìkẹta 2031 sí 2039.

Mo tún ṣe ti ọmọbìnrin mi, ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2015. Oṣù 1, ọjọ́ 9, ọdún 8. Ipa ayé 18, ó di 9. Ìpele àkọ́kọ́ parí ní ọmọ ọdún 27, ìyẹn 2042. Mo yẹ̀ ẹ́ wò: 1+9, àti 2+0+4+2 tó jẹ́ 8, àpapọ̀ 18, ó di 9. Ó bọ́ sí i! Ṣóńṣó: 1, 8, 9, 9. Ìpèníjà: 8, 1, 7, 7. Ṣé mo gbà á?

Ìyá_Olùkọ́

O gbà á pátápátá.

Akin_Físíìsì

Ìbéèrè kan ṣá. Ọjọ́ wo gan-an ni ìpele náà yí padà? Ọjọ́ ìbí ni, àbí ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní? Ṣóyínká pé ọmọ ọdún 35 ní oṣù Keje 1969, wọ́n tú u sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ìbí, ìtúsílẹ̀ yẹn jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìpele kejì. Bí ó bá jẹ́ ọdún tuntun, ìparí ìpele àkọ́kọ́ ni.

Ìyá_Olùkọ́

Èmi ń lo ọdún tuntun, nítorí pé ọdún kàlẹ́ńdà ni a fi ń rí nọ́ńbà ọdún ẹni, òun náà sì ni 36 dúró lé.

Bọ́sẹ̀_Àkúrẹ́

Èmi ń lo ọjọ́ ìbí. Ọjọ́ orí la kọ sílẹ̀, "ọmọ ọdún 27", ọjọ́ ìbí sì ni ènìyàn máa ń pé ọdún. Fún Àdùkẹ́ tí wọ́n bí ní ìparí oṣù Kọkànlá, oṣù kan péré ni ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n fún ọmọ rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan gbáko: tèmi á yí ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní 2042, ti Ìyá á dúró di 2043. Àdùkẹ́, kọ méjèèjì sínú ìwé rẹ̀.